Ẹ̀gbẹ́ Méjì àti Igun Àárín: Bí Sáìnì Ṣe Ń Wọn Ilẹ̀ Onígun Mẹ́ta

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí onígun mẹ́ta kan ṣe fẹ̀ tó ní ohun méjì láti wá: ìdí rẹ̀ àti gíga rẹ̀. Ìdí ni èyí tó bá wù ú nínú ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gíga ni ìlà tó bẹ̀rẹ̀ láti igun tó dojú kọ ìdí yẹn, tó sì bọ́ sórí ìdí náà tààrà, láìfì sí ọ̀tún, láìfì sí òsì, débi pé igun tí òun àti ìdí jọ dá jẹ́ dígírì 90 géérégé. Bí ìdí bá jẹ́ mítà 40, tí gíga jẹ́ mítà 20, 40 lọ́nà 20 jẹ́ 800, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 400. Àyè inú onígun mẹ́ta náà jẹ́ sikúwéà mítà 400, ìyẹn ni pé ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan lè wọ inú rẹ̀ lọ́nà 400.

Lórí bébà, iṣẹ́ yìí rọrùn. Lórí ilẹ̀ gidi, gíga ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ṣeé rí, ó ṣeé tọ̀: ó lè jẹ́ ògiri, ó lè jẹ́ gọ́tà ojú títì, ó lè jẹ́ ọ̀wọ́ pèrègún tí àwọn àgbà gbìn sí ààlà. Gíga ní tirẹ̀ kò sí lójú ilẹ̀. Ìlà inú ìrònú ni, ó sì máa ń la àárín ilẹ̀ kọjá, níbi tí ilé, kànga, àpáta tàbí oko ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn lè wà. Kódà bí ilẹ̀ bá ṣófo, wíwá ibi tí ìlà náà ti máa pàdé ìdí ní dígírì 90 jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi ojú wọ̀n ọ́n á ṣì í. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé awọnlẹ̀ kì í wá gíga kiri. Orí igun kan ló máa ń dúró sí, ó wọn ẹ̀gbẹ́ méjì tó pàdé níbẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ wo bí igun àárín wọn ṣe là tó. Ohun mẹ́ta yìí tó o. Bí wọ́n bá pe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní a àti b, tí wọ́n pe igun tó wà láàárín wọn ní C, òfin tó ń sọ àyè rẹ̀ nìyí:

Àyè = ½ × a × b × sin C

Kí òfin yìí má baà dà bí oògùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ewé inú rẹ̀, ó dára kí wọ́n tú u palẹ̀ lórí ilẹ̀ kan. Kí a gbà pé ilẹ̀ onígun mẹ́ta kan wà ní oríta. Láti igun C tó kángun sí oríta, ògiri kan lọ tààrà fún mítà 40. Láti igun C yìí kan náà, ògiri kejì yà sí apá òsì fún mítà 30. Ìlàsí àárín ògiri méjèèjì jẹ́ dígírì 50. Ilé alájà kan ti wà láàárín ilẹ̀ náà, kò sí bí téèpù ṣe lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Bí ògiri oní-mítà 40 bá jẹ́ ìdí, ìbéèrè tó kù ni pé: báwo ni òpin ògiri kejì ṣe jìnnà sí ìdí yìí tó? Ìjìnnà yẹn ni gíga. Kò lè jẹ́ mítà 30, nítorí ògiri náà kò dúró ṣánṣán sí ìdí, ńṣe ló dagun. Nínú gbogbo mítà 30 tí ẹni tó ń tọ ògiri náà máa rìn, apá kan ń gbé e kúrò lórí ìdí, apá kan kàn ń gbé e lọ sí iwájú ní ìbádọ́gba pẹ̀lú ìdí ni. Èyí tó ń gbé e kúrò lórí ìdí nìkan ló wúlò fún gíga. Sáìnì igun náà ló ń sọ bí apá yẹn ṣe pọ̀ tó. Sáìnì dígírì 50 jẹ́ 0.7660. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá rin mítà kan lórí ìlà tó dagun ní dígírì 50, ó ti jìnnà sí ìdí ní sẹ̀ǹtímítà 76.6. Bó bá rin mítà 30, ó ti jìnnà ní 30 lọ́nà 0.7660, ìyẹn mítà 22.98.

Gíga ti jáde láìsí ẹni tó wọ inú ilẹ̀ náà. Ìyókù kò le: 40 lọ́nà 22.98 jẹ́ 919.2, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 459.6. Ilẹ̀ náà jẹ́ sikúwéà mítà 459.6. Bí wọ́n bá padà wo òfin òkè yẹn, kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀. Ìdajì ìdí lọ́nà gíga náà ni, àmọ́ ibi tó yẹ kí gíga wà ni wọ́n kọ a lọ́nà sin C sí.

Ẹnìkan lè béèrè pé bí ògiri oní-mítà 30 bá jẹ́ ìdí ńkọ́? Nígbà náà, ògiri oní-mítà 40 ló dagun, gíga yóò sì jẹ́ 40 lọ́nà 0.7660, ìyẹn mítà 30.64. Ìdajì 30 lọ́nà 30.64 jẹ́ 459.6. Bákan náà ló já sí. Kò sí ẹ̀gbẹ́ tó ju ẹ̀gbẹ́ lọ nínú méjèèjì, níwọ̀n ìgbà tí igun náà bá ti wà láàárín wọn.

Ọgbọ́n sáìnì ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 499, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní ilẹ̀ Íńdíà, Aryabhata, ti kó iye sáìnì jọ fún igun mẹ́rìnlélógún, láti dígírì 3.75 títí dé 90. Ìràwọ̀ ló ń wá o, kì í ṣe ilẹ̀. Ó tó bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1464, kí ará Jámánì kan tí wọ́n ń pè ní Regiomontanus tó kọ odindi ìwé lórí onígun mẹ́ta, tó sì fi bí àyè, ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun àárín ṣe so mọ́ra hàn nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò rí ìwé náà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: ó kú ní 1476, ọdún 1533 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, inú ìwé tábìlì ni àwọn ènìyàn ti ń wo iye sáìnì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣe ìdánwò girama ní Nàìjíríà kí kakulétọ̀ tó gbòde ṣì rántí ìwé tábìlì pẹlẹbẹ náà, tí òǹkà rẹ̀ kún fọ́fọ́.

Ohun tó dùn jù nínú òfin yìí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá dúró bí wọ́n ṣe wà, tí igun nìkan ń yí padà. Kí ènìyàn mú igi gígùn méjì, ọ̀kan 40, ọ̀kan 30, kó so orí wọn pọ̀ kí wọ́n lè máa ṣí, kí wọ́n lè máa pa dé. Nígbà tí igi méjèèjì bá sùn lé ara wọn, igun jẹ́ òdo, sáìnì jẹ́ òdo, kò sí àyè kankan láàárín wọn. Bí wọ́n bá ṣí i dé dígírì 30, sáìnì di 0.5, àyè sì di 300. Láti ibẹ̀ lọ, àyè ṣì ń pọ̀ sí i, àmọ́ kò yára mọ́ bíi ti ìbẹ̀rẹ̀: ní dígírì 60, tí í ṣe ìlọ́po méjì 30, àyè kò di 600, 519.6 ló dà. Ní dígírì 90 ló tó pé 600. Ibẹ̀ ni òkè rẹ̀. Sáìnì kì í ju 1 lọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ 40 àti 30 kò lè ká ilẹ̀ tó ju 600 mọ́ láéláé, bó ti wù kí wọ́n ṣí i tó. Awọnlẹ̀ tí ìṣirò rẹ̀ bá mú 640 wá lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹlẹ́rìí, ó ti mọ̀ pé òun ti ṣì í níbì kan.

Bí wọ́n bá ṣí igi náà kọjá 90, àyè bẹ̀rẹ̀ sí í dín padà. Ní 150, ó ti padà sí 300. Ní 180, igi méjèèjì ti na gbalaja sórí ìlà kan ṣoṣo, àyè sì tún di òdo. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣiyèméjì, nítorí pé nígbà tí igun bá ti ju 90 lọ, gíga kì í bọ́ sínú onígun mẹ́ta mọ́. Ẹ̀yìn igun C ló máa ń bọ́ sí, níta, lórí ibi tí ìdí ìbá dé bí wọ́n bá fà á gùn sí i lẹ́yìn. Àmọ́ ìjìnnà òpin ìlà tó dagun sí ìdí kò yí padà nítorí ìyẹn. Igun tí ìlà náà bá apá ẹ̀yìn ìdí dá ni 180 dín igun C. Nítorí náà, sáìnì 130 àti sáìnì 50 jẹ́ ọ̀kan náà, 0.7660, òfin kan náà ló sì ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì láìfi ohunkóhun kún un.

Èyí fi hàn pé ilẹ̀ méjì lè ní ẹ̀gbẹ́ 40 àti 30, kí ọ̀kan ní igun 50, kí èkejì ní igun 130, kí àyè wọn sì dọ́gba ní 459.6, síbẹ̀ kí wọ́n má jọra rárá. Ẹ̀gbẹ́ kẹta ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi mítà 30.9. Ti èkejì jẹ́ nǹkan bíi mítà 63.6. Ẹni tó fẹ́ ra wáyà láti fi ṣọgbà ilẹ̀ kejì yóò náwó ju ẹni àkọ́kọ́ lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ wọn kò ju ara wọn lọ.

Ẹ̀gbẹ́ kẹta yìí tún wúlò fún àyẹ̀wò. Bí ọ̀nà bá wà láti wọ̀n ọ́n, àyè ilẹ̀ lè jáde láti inú ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan, láìsí igun, nípa òfin tí wọ́n fi orúkọ Heron ará Alẹkisáńdíríà pè. Ẹ ó kó ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ ó mú ìdajì rẹ̀: 30, 40 àti 30.94 jẹ́ 100.94, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 50.47. Ẹ ó yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ìdajì yìí, èyí tó fi 20.47, 10.47 àti 19.53 sílẹ̀. Ẹ ó sọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di púpọ̀ pọ̀, ẹ ó sì wá òǹkà tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó máa mú èsì yẹn wá. 459.6 ló jáde. Nígbà tí ọ̀nà méjì tí kò gba ibì kan náà bá dé ibì kan náà, ọkàn awọnlẹ̀ á balẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni lílo igun tí kò sí láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kí a gbà pé wọ́n wọn ẹ̀gbẹ́ 40 láti igun A dé igun B, wọ́n wọn 30 láti B dé C, àmọ́ igun A ni ẹ̀rọ wò, ó sì jẹ́ dígírì 40. Ẹni tó bá sáré fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú òfin yóò rí 600 lọ́nà 0.6428, ìyẹn 385.7. Irọ́ ni. Igun tí òfin ń béèrè ni B, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ 40 àti 30 ti pàdé. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ohun mẹ́ta tí wọ́n wọ̀n yìí kò tilẹ̀ tó láti mọ ilẹ̀ kan pàtó. Ẹ̀gbẹ́ 30 tó ti B wá lè kan ìlà tó ti A jáde ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ibi kan, igun B jẹ́ nǹkan bíi dígírì 81, ilẹ̀ náà sì jẹ́ sikúwéà mítà 592.6. Ní ibi kejì, igun B jẹ́ nǹkan bíi 19, ilẹ̀ sì jẹ́ 195.2 péré. 385.7 kì í ṣe ti èkíní, kì í ṣe ti èkejì. Kò sí ìṣirò tó lè yan ọ̀kan nínú méjèèjì, àfi kí wọ́n padà lọ sórí ilẹ̀ lọ wo igun B.

Àṣìṣe kejì ń bẹ nínú kakulétọ̀. Ẹ̀rọ náà lè ka igun ní ọ̀nà mẹ́ta, lẹ́tà kékeré kan lókè ojú rẹ̀, D, R tàbí G, ló sì ń sọ èyí tó wà lórí rẹ̀. D ni dígírì. Bó bá wà lórí R, sáìnì 50 yóò jáde ní −0.2624, àyè ilẹ̀ yóò sì di −157.4. Èyí kò léwu, nítorí kò sí ilẹ̀ tó dín sí òdo, ẹni tó rí i á ti fura. G ló léwu. Níbẹ̀, dígírì 90 ni wọ́n pín sí 100, sáìnì 50 sì jáde ní 0.7071, àyè sì di 424.3. Nọ́ńbà yìí fani mọ́ra, ó jọ òótọ́, àmọ́ ó ti gé sikúwéà mítà 35 kúrò nínú ilẹ̀ onílẹ̀. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ: kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ sáìnì 30. Bí kò bá jẹ́ 0.5 gẹ́lẹ́, ẹ̀rọ náà kò sí lórí dígírì.

Àṣìṣe kẹta kì í ṣe ti ìṣirò, ti wíwọ̀n ni, ó sì kan irú igun tó yẹ kí wọ́n yàn. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wo igun láìṣì í rárá, àmọ́ àbùkù kan náà kò wọn iye kan náà lórí gbogbo igun. Ẹni tó bá fi dígírì kan ṣi igun 50 wò, tó kà á sí 51, yóò rí 466.3 dípò 459.6. Ó ti fi nǹkan bíi sikúwéà mítà 7 kún un. Bí igun bá jẹ́ 90, tó sì kà á sí 89, 599.9 ló máa rí dípò 600, èyí tí kò tó ibi tí ènìyàn lè gbé àga sí. Àmọ́ bí igun bá jẹ́ 10, tó kà á sí 11, àyè yóò fò láti 104.2 sí 114.5, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ilẹ̀. Ìdí ni pé sáìnì ń yára gòkè nígbà tí igun ṣì kéré, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan nígbà tó bá sún mọ́ 90. Onígun mẹ́ta kan ní igun mẹ́ta, awọnlẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í jókòó ti igun ṣóńṣó bí ọ̀nà bá wà láti lo èyí tó là dáadáa.

Ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ní tirẹ̀. Àyè tó ń wà nínú pílánù ilẹ̀ ni àyè tí ilẹ̀ náà gbà lórí tẹ́ńbẹ́lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wò ó tààrà látòkè. Bí ògiri oní-mítà 40 yẹn bá gun òkè ní dígírì 10, téèpù tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ yóò ka 40, bẹ́ẹ̀ mítà 39.39 ló jẹ́ lórí tẹ́ńbẹ́lẹ́. Àyè náà yóò wá sílẹ̀ láti 459.6 sí 452.6. Nílùú olókè bí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ohun tí kò ṣeé gbójú fò ni. Tíódólàìtì ní tirẹ̀ ti ń ka igun lórí tẹ́ńbẹ́lẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, gígùn ẹ̀gbẹ́ nìkan ló nílò àtúnṣe.

Ilẹ̀ tó jẹ́ onígun mẹ́ta ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Onígun mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà ló kún ìgboro, igun wọn kì í sì í sábà jẹ́ 90. Síbẹ̀ òfin yìí kan náà ló ń wọ̀n wọ́n. Awọnlẹ̀ á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dúró síbì kan nínú ilẹ̀ tó ti lè rí gbogbo òpó ààlà. Láti ibẹ̀, ó wọn ìjìnnà dé òpó kọ̀ọ̀kan, ó sì ka igun tó wà láàárín òpó kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ojú ìdúró rẹ̀ ti pín ilẹ̀ náà sí onígun mẹ́ta, bí òpó bá ṣe pọ̀ tó ni onígun mẹ́ta ṣe máa pọ̀ tó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun àárín.

Kí a gbà pé ilẹ̀ onígun mẹ́rin kan ní òpó P, Q, R àti S, ìjìnnà wọn sí ẹ̀rọ sì jẹ́ mítà 25, 32, 28 àti 30. Igun láàárín P àti Q jẹ́ 85, láàárín Q àti R jẹ́ 98, láàárín R àti S jẹ́ 80, láàárín S àti P jẹ́ 97. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìṣirò, wọ́n gbọ́dọ̀ kó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ná. 360 ló jẹ́, odindi ìyípo. Ká ní ó lé tàbí ó dín ju ohun kékeré tí ẹ̀rọ lè ṣì lọ ni, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Onígun mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ìdajì 25 lọ́nà 32, lọ́nà sáìnì 85, ìyẹn 400 lọ́nà 0.9962, tó jẹ́ 398.5. Ní ọ̀nà kan náà, èkejì jẹ́ 443.6, ẹ̀kẹta 413.6, ẹ̀kẹrin 372.2. Àpapọ̀ wọn jẹ́ sikúwéà mítà 1,627.9. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka pulọ́ọ̀tì kan sí mítà 18 ní 36, ìyẹn sikúwéà mítà 648, ilẹ̀ náà lé díẹ̀ ní pulọ́ọ̀tì méjì àbọ̀.

Gbogbo èyí dúró lórí pé ààlà láti òpó kan dé èkejì lọ tààrà. Níbi tí odò bá ti ṣe ààlà, onígun mẹ́ta kan kò lè tọ ẹ̀bá odò tó ń kọ́lọ. Ńṣe ni awọnlẹ̀ máa ń ri igi kéékèèké mọ́lẹ̀ lẹ́bàá odò, ní gbogbo ibi tí omi bá ti yà, á sì wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan bí òpó. Bí igi bá ṣe súnmọ́ra tó ni àyè tó jáde ṣe máa súnmọ́ òótọ́ tó.